Fótò físà Amẹ́ríkà: àtúnṣe tí wọ́n gbà, àti èyí tó lè mú kí wọ́n dá a padà

Bí onífótò bá ní "ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe díẹ̀", ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ tún ṣe. Òfin Amẹ́ríkà lórí fótò físà ò lọ́jú pọ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi kọ̀ǹpútà, áàpù tàbí Filter yí ìrísí ẹni tó wà nínú fótò padà. Ẹ lè gé etí fótò, ẹ lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ẹ sì lè fún fáìlì rẹ̀ pọ̀ kó lè wọlé sórí fọ́ọ̀mù DS-160. Ojú ẹni gan-an ni wọn ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn, nítorí ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń yẹ fótò náà wò, òun náà sì ni wọ́n máa tẹ̀ sórí físà tí òṣìṣẹ́ ibodè yóò fi wé ojú yín.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà ni kí ẹ ti ṣe gbogbo àtúnṣe. Ẹ dúró síwájú ògiri funfun, kí ẹ fi bí ìdajì mítà jìnnà sí i kí òjìji yín má baà hàn lára rẹ̀, kí ẹ sì kọjú sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì lọ́gbọọgba. Ẹlòmíì ni kó yà yín, pẹ̀lú kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù, láti bíi mítà kan ààbọ̀. Bí ojú bá ń dán, ẹ fi tíṣù nù ún. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀, torí aṣọ funfun máa ń wọnú ògiri funfun.

Ohun kan wà tó máa ń bá àwa aláwọ̀ dúdú jà níwájú ògiri funfun. Kámẹ́rà á rí funfun tó pọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù, ojú á wá ṣú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onífótò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà tan ojú, tí èèyàn dúdú á fi di pupa lórí fótò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù kí kámẹ́rà lè fi ojú ṣe òdiwọ̀n, ẹ fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ sókè díẹ̀, kí ẹ tó yà á.

Ẹ tún wo inú kámẹ́rà fóònù náà. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ní Beauty tí wọ́n ti tàn sílẹ̀, tó ń fọ ojú mọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé kó ṣe é. Ẹ dá a dúró pátápátá, kí ẹ má sì lo Portrait, torí ó máa ń sọ etí àti irun di bàìbàì.

Ó wá ku gígé. Fótò náà gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti 600 sí 1200 píksẹ́lì, kó jẹ́ JPEG, kó má ju 240 kB lọ. Orí, láti òkè irun dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, gbọ́dọ̀ gba 50 sí 69 nínú ọgọ́rùn-ún gíga fótò. Ẹyinjú ní láti wà ní 56 sí 69 nínú ọgọ́rùn-ún, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀.

Ká ní fótò inú fóònù jẹ́ 3024 × 4032, tí orí sì gùn tó 1300 píksẹ́lì nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fẹ́ kí orí gba 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kó má baà sún mọ́ ààlà níbì kankan. Ẹ pín 1300 sí 0.6, ẹ ó rí nǹkan bíi 2167. Ìyẹn ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ibi tí ẹ máa gé. Bí ẹ bá wá dín in kù sí 1000 × 1000, orí á di 600 píksẹ́lì. Ẹ gbé e sípò tí ẹyinjú á fi wà ní nǹkan bíi 620 láti ìsàlẹ̀. Àgbọ̀n á bọ́ sí nǹkan bíi 320, òkè irun á sì wà ní 920. Bí fáìlì bá ṣì ju 240 kB lọ, ẹ dín Quality rẹ̀ kù láti 90 sí 85. Tó bá kọ̀, ẹ sọ fótò di 800 × 800. Ẹ má fẹ fótò kékeré lójú, torí bàìbàì ló máa dà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, Document ni kí ẹ fi í ṣe, nítorí bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fótò lásán, á fún un pọ̀ jù.

Ní ti ojú, a ò gbọdọ̀ pa ilà rẹ́, yálà pélé ni o tàbí àbàjà, a ò sì gbọdọ̀ pa àmì ìbí tàbí àpá rẹ́. Ẹ fi ewú orí sílẹ̀ bó ṣe wà. Àtíkè àti lẹ́ẹ̀dì tí ẹ máa ń lò lójoojúmọ́ kò ní wàhálà, àmọ́ èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kùn kò dáa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni wọn ò ti gba awò ojú mọ́. Ẹ bọ́ ọ kí wọ́n tó yà yín, ẹ má sọ pé wọ́n á fi kọ̀ǹpútà yọ ọ́. Bí iná kámẹ́rà bá sọ ẹyinjú di pupa, ẹ pa iná náà kí ẹ tún yà á. Fótò tí kámẹ́rà iwájú yà máa ń dà bí ti inú dígí nígbà míì: àpá tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún á bọ́ sí ti òsì. Ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ kíyè sí i.

Ẹ̀yìn fótò ni mo kà sí ewu tó pọ̀ jù, torí ó ti mọ́ àwọn ilé fótò lára láti gé èèyàn kúrò níbi tó wà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ funfun. Ẹ fẹ fótò náà lójú ní ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ wo etí, ibi tí irun parí sí, àti èjìká. Bí irun bá mú gẹ́lẹ́ bí ẹni fi sáàsì gé e, tàbí tí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí ká, wọ́n ti gé e nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà: bí kò bá sí ihò ara kankan, tó ń dán bíi ike, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ẹ béèrè èyí tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Fún ọmọ ọwọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun tí kò rún kí ẹ yà á láti òkè, dípò kí ẹ máa fi kọ̀ǹpútà pa ọwọ́ ìyá rẹ́.

Bí DS-160 bá kọ fótò náà, ẹ lè parí fọ́ọ̀mù láìsí i, kí ẹ sì mú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde, ínǹṣì méjì ní méjì, lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ tí wọ́n yà á.

Ẹ̀yin tó ń gba pásípọ́ọ̀tù ìlú Ọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ gígé tí mo sọ lókè. Ẹ fi orí, èjìká àti àyà sílẹ̀ nínú fótò, ètò tiwọn á gé e fúnra rẹ̀. Ó kéré tán, kó jẹ́ 600 píksẹ́lì ní fífẹ̀ àti 750 ní gíga, kó wà láàárín 50 KB sí 10 MB, kó má sì ju oṣù kan lọ tí ẹ yà á.