Bí a ṣe ń ka ọjọ́ owó-orí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ àti Èkó

Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ èdè Faransé kan ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ilé-ìwé kan ní Èkó gbà á síṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2026 títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2027. Ìyàwó àti ọmọ wà nílé, ayálégbé sì ń gbé yàrá méjì nínú ilé rẹ̀. Ta ló máa kà á sí olùgbé tirẹ̀ ní ti owó-orí, Bẹ̀nẹ̀ ni àbí Nàìjíríà?

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde sílẹ̀, kí ẹ fi òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà àti ìwé iṣẹ́ yín gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń gba ẹnubodè Ìgòlò kọjá láìgba òǹtẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹ̀rí jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kíkà. Òfin Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026 ń wo ọjọ́ 183 láàárín oṣù méjìlá. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọn a ka ti ọdún kan lọ́tọ̀, wọn a ka ti èkejì lọ́tọ̀. Olùkọ́ wa lo ọjọ́ 122 ní 2026 àti 74 ní 2027, kò sì sí èyí tó tó 183 nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n inú oṣù méjìlá kan náà ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 196. Ó máa ní òun lo ọjọ́ 21 nílé nígbà Kérésì, kí wọ́n yọ ọ́, kó ku 175. Wọn kò ní yọ ọ́, nítorí òfin náà ka ìsinmi àti ìgbà tí èèyàn kàn jáde lọ fún ìgbà díẹ̀ mọ́ ọn. Olùgbé Nàìjíríà ni.

Bí ọjọ́ yín kò bá tilẹ̀ pé, ẹ wo ilé. Bí ẹ bá ní ibùgbé kan ní Èkó tó wà fún yín nígbà gbogbo, ìyẹn nìkan lè sọ yín di olùgbé.

Ohun tó yí padà ni pé Nàìjíríà ń wo gbogbo owó tó ń wọlé fún olùgbé rẹ̀, níbikíbi tó bá ti wá. Owó iṣẹ́ Èkó nìkan kọ́ ló kàn mọ́, ó kan owó ilé tó ń gbà ní Àjàṣẹ́ pẹ̀lú. Bẹ̀nẹ̀ náà kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìdílé rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí.

Ká ní Lomé tàbí Abidjan ló lọ ni, ìlànà 2008 ti UEMOA, ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó CFA ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló máa là á: wọn á wo ibùgbé, lẹ́yìn náà ibi tí ìdílé àti òwò rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí nínú UEMOA, ìlànà yẹn kò lè là á fún un. Nítorí náà, kó tó dé ọ́fíìsì owó-orí ní Àjàṣẹ́ pẹ̀lú IFU, nọ́ńbà owó-orí rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, kó ti gba ìwé iye owó-orí tí ilé-ìwé Èkó yọ lóṣooṣù, kó sì kó rìsíìtì owó-orí tó san ní Àjàṣẹ́ lórí ilé rẹ̀ dání nígbà tó bá ń lọ sí ọ́fíìsì ti Èkó, kó lè fi han ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pé òun ti san owó-orí lọ́dọ̀ èkejì.