Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní Orí Kejì: nígbà tí orúkọ òǹkọ̀wé bá gba ipò kókó-ọ̀rọ̀

Mú Orí Kejì pírọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ jáde, ibi tí o ti ń ṣàgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn tó ti ṣèwádìí ṣáájú rẹ, kí o sì ka ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan. Bí ó bá jẹ́ "Lágbájá (2014) ṣèwádìí lórí...", "Tàmẹ̀dù (2016) sọ pé...", "Làkáṣègbè (2019) náà wò ó pé...", títí orí náà fi parí, orúkọ òǹkọ̀wé lo fi to iṣẹ́ náà. Alábòójútó tó bá ka irú rẹ̀ kò ní rí ohun tí ìwọ fúnra rẹ ń sọ nípa àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ohun tó ń fà á kò fara sin. Akẹ́kọ̀ọ́ á wa ìwé kan jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á ka àkékúrú rẹ̀, á kọ ìpínrọ̀ kan, á tún bọ́ sórí òmíràn. Bí àwọn ìwé ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn nínú orí náà.

Ká mú àkòrí kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti ti ìlera àwùjọ mọ̀ dáadáa: ohun tó ń dí àwọn ìyá lọ́wọ́ láti fún ọmọ ní ọmú nìkan, láìfi omi tàbí àgbo kún un, fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí àjọ WHO ṣe dámọ̀ràn. Lágbájá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró fún òǹkọ̀wé èyíkéyìí níbí. Àpẹẹrẹ lásán ni àbájáde wọn. Bí àṣìṣe náà ṣe máa ń rí nìyí:

"Lágbájá (2014) ṣèwádìí láàárín àwọn ìyá tó ń wá sí ilé ìwòsàn. Ó lo ìwé ìbéèrè. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn mọ àǹfààní ọmú nìkan. Tàmẹ̀dù (2016) ṣèwádìí tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn mìíràn. Òun náà lo ìwé ìbéèrè."

Ohun kan náà nìyí nígbà tí kókó bá ṣíwájú:

"Ìmọ̀ nìkan kì í tó láti mú ìyá dúró lórí ọmú nìkan. Àwọn ìyá tí Lágbájá (2014) bá sọ̀rọ̀ mọ àǹfààní rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ti fún ọmọ lómi kó tó pé oṣù mẹ́ta. Làkáṣègbè (2019) rí irú rẹ̀, ó sì sọ ìdí: ìyá ọkọ ló ń wẹ ọmọ, òun náà ló ń rọ ọ́ lágbo. Tàmẹ̀dù (2016) nìkan ni àbájáde rẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó ń dá ìyá ọkọ àti ìyàwó lẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ló ti ṣiṣẹ́."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ jẹ́ tìrẹ. Àwọn òǹkọ̀wé wá tẹ̀lé e láti gbè é lẹ́sẹ̀ tàbí láti ta kò ó.

Má ṣe gbìyànjú láti dé ibẹ̀ nípa gígé ìpínrọ̀ àtijọ́ kí o máa lẹ̀ wọ́n kiri. Ya àtẹ sórí ìwé ńlá tàbí sínú Excel kí o tó kọ ohunkóhun. Òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún. Kókó kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀: ìmọ̀ ìyá, iṣẹ́ àti ìsinmi ìbímọ, àṣẹ ẹbí, àti ọ̀nà tí wọ́n fi wọn nǹkan náà. Kọ gbólóhùn kan péré sínú àpótí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú ìwé tí o ti rí i. Ibi tí òǹkọ̀wé kò bá ti sọ nǹkan, fi í sílẹ̀ lófìfo. Lẹ́yìn náà, máa ka òpó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òpó kan ni ìsọ̀rí kan. Kókó mẹ́ta sí márùn-ún ti tó fún iṣẹ́ ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òpó tí òǹkọ̀wé kan ṣoṣo bá wà kò tíì di kókó, dà á pọ̀ mọ́ èyí tó sún mọ́ ọn.

Àtẹ náà á tún jẹ́ kó hàn pé òǹkọ̀wé kan lè wà ní òpó mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù èyí, wọ́n á wá há iṣẹ́ kan mọ́ ìsọ̀rí kan. Kò pọn dandan. Ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí rẹ̀ níbi tó ti kọ́kọ́ jáde. Níbi yòókù, àbájáde tó kan kókó yẹn nìkan ni kí o mú wá.

Àṣìṣe kejì ni àkọlé tó jọ kókó tí kì í ṣe kókó. "Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní òkè òkun, ní Áfíríkà, ní Nàìjíríà" wọ́pọ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ti ṣe é kì í ṣàlàyé nǹkan kan, àfi bí ibẹ̀ bá yí àbájáde padà, bíi gígùn ìsinmi ìbímọ. Àwọn mìíràn á kọ "Ìmọ̀ àwọn ìyá" sókè, Lágbájá á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò lábẹ́ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Yọ orúkọ àti ọdún kúrò nínú ìpínrọ̀ náà: bí kò bá sọ nǹkan kan mọ́, tún un kọ.

Èyí tó ń ba orí náà jẹ́ jù ni kí àbájáde méjì takora kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ "àbájáde wọn yàtọ̀" kó sì kọjá lọ. Òpó tó wà fún ọ̀nà ìwọ̀n ló ń tú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí NDHS, èyí tí wọ́n ń ṣe káàkiri Nàìjíríà lórí ètò ìkànìyàn àti ìlera, sọ pé ìdá 17 nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan ní 2013, àti ìdá 29 ní 2018. Ohun tí ọmọ jẹ tàbí mu láàárín wákàtí 24 tó ṣáájú ni wọ́n béèrè. Ọmọ tó mu omi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí kò mu ún lánàá wà lára àwọn tí wọ́n kà. Òǹkọ̀wé tó bá béèrè ohun tí ọmọ ti jẹ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i yóò rí iye tó kéré sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ àwọn ìyá kan náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá to wọ́n lórúkọ-lórúkọ kò ní rí èyí láéláé, torí àwọn méjèèjì kì í pàdé nínú ìpínrọ̀ kan.

Má fi kókó tú ìsọ̀rí tíọ́rì ká o. Tíọ́rì ní ẹni tó dá a sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni orúkọ ti yẹ kó ṣíwájú. Bí o bá lo Theory of Planned Behaviour, tíọ́rì tí Ajzen ṣàlàyé ní 1991 lórí ohun tó ń mú kí ènìyàn pinnu láti ṣe nǹkan, ó ti fún ọ ní òpó tí o ń wá: èrò ẹni nípa nǹkan náà bá ìmọ̀ mu, ohun tí àwọn tó yí ẹni ká ń retí bá ẹbí mu, agbára láti ṣe é bá iṣẹ́ àti ìsinmi mu. Bí ẹ̀ka rẹ bá ní ètò tirẹ̀ fún Orí Kejì, tẹ̀lé e, kí o sì lo kókó níbi àgbéyẹ̀wò àwọn ìwádìí tó ti wáyé.

Àwọn àpótí tó ṣófo nínú àtẹ ni àlàfo tí iṣẹ́ rẹ fẹ́ dí. "Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe é nílùú wa" kò tó. Kọ ọ́ báyìí: "Àwọn tó wo ipa ìyá ọkọ béèrè wákàtí 24 nìkan, àwọn tó béèrè láti ọjọ́ ìbí kò wo ìyá ọkọ. Iṣẹ́ yìí yóò ṣe méjèèjì pọ̀ lára àwọn ìyá kan náà."