Tí ibà bá lọ lọ́jọ́ kẹrin, ẹ má tíì jó: ọ̀rọ̀ dẹ́ńgì fún ẹ̀yin tẹ́ẹ ń kó lọ Brazil

Mọ̀kọ́lá n'Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, àbúrò mi ọkùnrin sì wà ní São Paulo. Orí fóònù lèmi àtiẹ̀ ti jọ la ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kọjá, èmi níbí, òun lọ́hùn-ún, tí aago méjìlá ọ̀sán bá lù lọ́dọ̀ wa aago mẹ́jọ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ó ti lo oṣù mẹ́jọ níbẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

Mọ́ńdè ló bẹ̀rẹ̀. Ara ẹ̀ gbóná lójijì, ó ní ẹ̀yìn ẹyinjú ń dun òun, tóun bá ti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí ńṣe ló dà bíi pé nǹkan ń tì í jáde látinú, egungun ń ro ó, ẹ̀yìn ń ro ó, oúnjẹ ò wù ú jẹ. Màmá wa gbọ́, wọ́n ní "Ibà ni jàre, kí ló tún fẹ́ jẹ́," wọ́n sì ti ń wá ẹni tó ń lọ Brazil tó máa bá wọn gbé àgbo dání. Èmi náà, kí n má parọ́, màlaríà lọkàn mi kọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ a ti mọ dẹ́ńgì n'Ìbàdàn yìí tipẹ́ o, àwọn oníṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn rí kòkòrò ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà ń ṣe láàárín 1964 sí 1968, àmọ́ torí pé gbogbo ara gbígbóná la máa ń pè ní ibà, oògùn màlaríà náà la máa ń gbé mì, tí dẹ́ńgì bá sì lọ fúnra ẹ̀, oògùn la máa ń yìn.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa dẹ́ńgì, kò sí oògùn tó ń pa á, ká má tíì sọ ti Coartem. Ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ló ń jẹni, inú omi tó mọ́ ló ń yé sí, omi abẹ́ ìkòkò òdòdó, inú táyà, táńkì tí ò ní ìdérí, torí náà nẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ ń ta lálẹ́ nìkan ò lè gbà yín. Ti màlaríà, òru ló ń ṣiṣẹ́. Màlaríà máa ń mú òtútù wá, èèyàn á gbọ̀n, á làágùn, á fúyẹ́ díẹ̀, á tún padà. Dẹ́ńgì á kàn gbóná ṣáá ni fún ọjọ́ méjì sí méje, ẹ̀yìn ojú àti egungun ló ń dùn jù, ara míì á yọ nǹkan pupa wínníwínní. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú dá a mọ̀ o, èmi tó jẹ́ iṣẹ́ mi gan-an ò lè fojú dá a mọ̀.

Nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn wa kì í rántí. Ní São Paulo, màlaríà ò wọ́pọ̀, apá igbó Amazon lọ́hùn-ún ni ti Brazil fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ sí tán, torí náà dókítà tó bá rí yín lè máà ronú kàn án rárá. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, kódà kó ti tó oṣù mẹ́ta, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín, ẹ ní ẹ wá láti ibi tí màlaríà wà, ẹ bèèrè "gota espessa", orúkọ tí wọ́n ń pe àyẹ̀wò màlaríà nìyẹn. Oògùn màlaríà kì í ṣe nǹkan tẹ́ẹ máa yà rà ní kẹ́míìsì bíi ti Dùgbẹ̀, ìjọba ló ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn.

Wẹ́síńdeè ni àbúrò mi lọ sí UBS àdúgbò ẹ̀, ìyẹn ilé ìwòsàn kékeré tí SUS, ètò ìlera ìjọba Brazil, ń bójú tó, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ẹni tó wà nílùú, àlejò ni o onílé ni o. Tí ọ̀rọ̀ bá le tàbí tí UBS ti tì, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ UPA 24h sí, tẹ́ẹ ò bá lè dìde, 192 lẹ máa pè fún áńbúláǹsì. Wọ́n wé nǹkan ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, ìwọn tiẹ̀ 120 lórí 80, wọ́n wá fẹ́ ẹ dúró sí 100 tó wà láàárín, wọ́n fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, apá ẹ̀ ń wú, ó ń bínú. Wọ́n yàwòrán igun mẹ́rin kékeré sí i lápá, wọ́n ń ka àmì pupa tó yọ nínú ẹ̀. Tó bá pé ogún lára àgbàlagbà, á jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń wá ọ̀nà jò lábẹ́ awọ nìyẹn. Tiẹ̀ ò ju mẹ́fà lọ. Àyẹ̀wò NS1 jáde, dẹ́ńgì ni, wọ́n sì fún un ní káàdì kan tí wọ́n kọ àbájáde ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sí. Káàdì yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ óò rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Wọ́n ní kó lọ máa mu omi nílé, iye tí wọ́n sì ní kó mu jọ mí lójú: 60 ml fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Kílò àádọ́rin ni, lítà mẹ́rin lé díẹ̀ nìyẹn, tẹ́ẹ bá fi pọ́ọ̀wọ́tà wọ̀n ọ́n ó máa tó mẹ́jọ àtààbọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ omi oníyọ̀ tí wọ́n ń pò, soro ni wọ́n ń pè é, sáṣẹ́ẹ̀tì kan sínú omi lítà kan, UBS máa fún yín. Ìyókù lè jẹ́ omi lásán, omi àgbọn, ògì tó ṣàn, omi ọsàn. Ẹ má mu sóbò ní tiyín, torí tẹ́ẹ bá bì í, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀, kẹ́ẹ má da lítà kan mì lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ẹ wá bì í. Bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń tó ni pé kẹ́ẹ máa tọ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ìtọ̀ náà má sì pọ́n. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín, aláboyún, àgbàlagbà, ọmọdé, àti ẹni tó ní síkùsẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n yìí kì í ṣe tiyín o, dókítà ló máa wọ̀n ọ́n fún yín.

Fún ìrora, parasitámọ́ọ̀lù 500 mg ẹyọ kan tàbí méjì lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Ásípírìn, èyí tí wọ́n ń kọ AAS sí lára níbẹ̀, àti ibuprofẹ́ẹ̀nì àti díkílófẹ́nàkì, ẹ má fẹnu kàn wọ́n, wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Àgbo náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ iye tó wà nínú ẹ̀, ẹ̀dọ̀ tí dẹ́ńgì ti ń fìyà jẹ tẹ́lẹ̀ ló máa gbà á. Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ kan gbáko nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tó wá le nìyí. Tọ́sídeè lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ibà ẹ̀ wálẹ̀ sí 36.8, ó fi fọ́ìsì ránṣẹ́, "Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ara mi ti yá, mo ti jẹ búrẹ́dì." Màmá ń dúpẹ́. Èmi ní kó má lọ síbi iṣẹ́. Tó bá jẹ́ màlaríà ni, tí ara bá ti rọ̀ lẹ́yìn oògùn, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bùṣe nìyẹn. Ní ti dẹ́ńgì, ìgbà tí ibà bá lọ, láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje, gan-an ni wákàtí 24 sí 48 tó léwu jù ń bẹ̀rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á dà bí asẹ́, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò jáde sínú ikùn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tó kù á wá ki bí ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní dé ibẹ̀, wọ́n á kàn yá ni, àmọ́ ẹ ò lè mọ̀ ṣáájú bóyá ẹ wà lára wọn.

Fúráídeè, aago mẹ́fà àárọ̀ tiẹ̀, ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kì í ṣe inú rírun lásán o, ó ń dùn gan-an láìdáwọ́ dúró. Ó bì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di aago mẹ́wàá. Ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú ẹ̀ ṣókùnkùn, ó tún jókòó padà. Mo bi í pé ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn, ó ní àná. Mo ní kó pe ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, kó gbé e lọ sí UPA báyìí-báyìí. Àwọn àmì tí mo ń wò nìyẹn, àwọn tó kù ni kí erìgì tàbí imú máa ṣẹ̀jẹ̀, kí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, kéèyàn máa sùn fọnfọn tàbí kára ẹ̀ má balẹ̀ rárá, kí mímí ṣòro. Ẹyọ kan péré tó, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n máa pé.

Níbẹ̀ ni káàdì yẹn ti ṣiṣẹ́. Wẹ́síńdeè, hematócrito ẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní PCV, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, 42 ni, ní Fúráídeè ó ti di 50. Plaquetas, ìyẹn àwọn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, já láti 148,000 sí 61,000. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, ọmọ Ìbàdàn náà, rí i lórí ìwé, ó ní "Ṣé o rí i, ẹ̀jẹ̀ ẹ ti ń pọ̀ sí i, ó ti ń dáa." Mo fẹ́ pariwo! Nílé, màlaríà ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ wa tí PCV fi ń wálẹ̀, a sì máa ń dúpẹ́ tó bá gòkè. Ti dẹ́ńgì, tó bá gòkè, omi ló ń jò. Tí kò bá sí ti Wẹ́síńdeè tí wọ́n fi wé e, 50 yẹn lè má jọ ẹnì kankan lójú.

Wọ́n fi dírípù sí i, 10 ml fún kílò kan láàárín wákàtí kan, ìyẹn 700 ml, wọ́n tún fi 700 sí i ní wákàtí kejì, wọ́n wá tún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ yẹ̀ wò. Ó ti wálẹ̀ sí 45, ó sì ti tọ̀. Wọ́n dín dírípù náà kù, wọ́n dá a dúró síbẹ̀, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra.

Ní Sọ́ńdè, ó ń tọ̀ dáadáa, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un láti ìka ọwọ́ dé ẹsẹ̀, wọ́n sì yọ dírípù. Inú bí i, ó ní òun ò tíì lágbára, kí ló dé tí wọ́n ò tún so òmíràn, bíi ti ilé tí wọ́n máa ń so ó fúnni kí ara lè le. Mo ṣàlàyé fún un pé omi tó jò jáde ti ń padà sínú iṣan fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá tún da òmíì lé e, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ, èèyàn á wá máa mí gúlegúle. Ó rẹ̀ ẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà.

Oríṣi mẹ́rin ni dẹ́ńgì ní, èyí tó ṣe é yìí ò lè ṣe é mọ́, àwọn mẹ́ta tó kù ṣì lè ṣe é, ẹ̀ẹ̀kejì ló sì sábà máa ń le jù. Káàdì ẹ̀ wà lára fíríìjì ẹ̀ báyìí, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́.