Bí ẹ ṣe lè pa ìlà dúdú tó ń rìn nínú fídíò abẹ́ iná LED

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò òde ní Ìkòròdú, tí ìlà dúdú bá ń rìn nínú fídíò 30 fps tí ẹ yà ní gbọ̀ngán oníná LED, ẹ to fídíò náà léra ní ìpele mẹ́ta. Ti ìsàlẹ̀, `Opacity` 100%. Ti àárín, ẹ sún un síwájú ní férémù 1, `Opacity` 50%. Tòkè, férémù 2, `Opacity` 33%. Ẹ pa ohùn méjèèjì tó wà lókè. Iná ìjọba wa jẹ́ 50 Hz, gílóòbù sì ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ pín 100 sí 30, ẹ ó rí 3 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ìlà náà fi ń sún díẹ̀ ní férémù kọ̀ọ̀kan, tó sì ń padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ ní férémù kẹrin. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, ibi dúdú ọ̀kan á bọ́ sórí ibi mímọ́ èkejì. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ara ògiri funfun ní férémù kan-kan bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Tó bá jẹ́ 25 fps, ojú kan ni ìlà náà máa ń dúró sí, ọgbọ́n yìí ò ràn án. Ijó ńkọ́? Ọwọ́ tó ń yára á ní òjìji, pàápàá tí wọ́n bá ń náwó. Ẹ yọ oníjó kúrò nínú ìpele méjì tòkè, kí ìpele méjèèjì náà kù sára ògiri nìkan.