Fáànù tí kò yí mọ́: ẹ béèrè ohun tó ń ṣe kó tó dákẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnìkan bá fi fọ́tò fáànù tó kú ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ lè sọ ohun tó ṣe é, ẹ má tíì dárúkọ àìsàn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í bí fáànù náà ṣe ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Bó bá ní ó ti ń yí jẹ́jẹ́, pé ọwọ́ làwọn fi ń ti bíléèdì rẹ̀ kó tó gbéra, kàpásítọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, torí òun ló ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti gbéra. Bó bá sì le láti fi ọwọ́ yí nígbà tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára iná, búṣì tí irin àárín mọ́tò ń yí nínú rẹ̀ ló sábà máa ń gbẹ. Òróró díẹ̀ lè tó o. Òórùn jíjóná ńkọ́? Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká sínú mọ́tò, ni kẹ́ ẹ fura sí, owó ńlá nìyẹn. Fọ́tò tó wúlò jù ni ti ara kàpásítọ̀, kí nọ́ńbà bíi 1.5 µF hàn ketekete, kí wọ́n lè ra irú rẹ̀ gan-an. Àmọ́ kàpásítọ̀ tó ti kú lè má wú rárá, kó máa dán bíi tuntun nínú fọ́tò. Míta tí wọ́n fi ń wọn kàpásítọ̀ ló máa sọ ìyẹn.