Bí a ṣe ń wá nọ́ńbà k tí fọ́nkṣọ̀n alápá méjì kò fi ní já

Ká ní obìnrin kan tí ó ń ta gàrí ní ọjà Kétu fi lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá ra kílò 50, tàbí tí ohun tí ó rà kò tó bẹ́ẹ̀, yóò san 400 fáráǹkì lórí kílò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rà ju kílò 50 lọ yóò san 350 fáráǹkì lórí gbogbo kílò tí ó rà. Ó yẹ kí oníbàárà tí ó ń ra ọjà púpọ̀ rí ẹ̀dínwó, nítorí náà òfin yìí dùn létí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó ra kílò 50 géérégé yóò san 20 000 fáráǹkì, nígbà tí ẹni tí ó ra kílò 51 yóò san 17 850. Kódà, ẹni tí ó ra kílò 57 yóò san 19 950, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹni tí ó gbé kílò 50 lọ sílé. Kò sí oníbàárà tí ojú rẹ̀ là tí yóò tún ra kílò 50 lọ́wọ́ obìnrin yìí.

Tí a bá fi x dúró fún iye kílò, tí a sì fi f(x) dúró fún owó, òfin náà nìyí:

```
f(x) = 400x    bí 0 ≤ x ≤ 50
f(x) = 350x    bí x > 50
```

Bí a bá ya àwòrán rẹ̀, ìlà kìíní yóò gòkè títí dé 20 000, ìlà kejì yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 17 500. Fọ́nkṣọ̀n náà já ní 50, 2 500 sì ni gíga ibi tí ó ti já. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. A ó fi 350 sílẹ̀ bí ó ṣe wà, a ó kàn fi nọ́ńbà k kan tí kì í yí padà kún apá kejì, kí ó di 350x + k, a ó sì wá k tí yóò mú kí owó apá méjèèjì dọ́gba ní kílò 50: 350 × 50 + k = 20 000, nítorí náà k = 2 500. Nọ́ńbà yìí ní ìtumọ̀ lọ́jà. Ó túmọ̀ sí pé 400 ni a ó gbà lórí kílò 50 àkọ́kọ́, kí ẹ̀dínwó tó bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tí ó bá lé.

Ohun tí àìjá ń béèrè

A máa ń gbọ́ pé fọ́nkṣọ̀n tí kò já ni èyí tí a lè yà láìgbé bíìkì kúrò lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ yẹn ran ojú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a kò lè fi ṣírò k. Èyí tí a lè fi ṣírò ni ìtumọ̀ tí onímọ̀ ìṣirò Bolzano tẹ̀ jáde ní 1817, tí Cauchy, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, náà sì gbé jáde ní 1821, tí ó dá lórí bí nọ́ńbà ṣe ń sún mọ́ nọ́ńbà. Bí a bá sọ ọ́ ní kúkúrú, bí a bá fi lẹ́tà a dúró fún ojú tí à ń wò, fọ́nkṣọ̀n kò já ní ojú a yìí bí ohun mẹ́ta bá ṣẹ pa pọ̀. f(a) gbọ́dọ̀ wà, ìyẹn ni pé òfin kan gbọ́dọ̀ sọ iye tí fọ́nkṣọ̀n náà jẹ́ ní a gan-an. Bí x ti ń ti òsì bọ̀ tí ó ń sún mọ́ a, àti bí ó ti ń ti ọ̀tún bọ̀, f(x) gbọ́dọ̀ máa sún mọ́ iye kan náà. A ó pe iye tí ó ń sún mọ́ láti òsì ní lìmíìtì òsì, a ó sì pe ti apá kejì ní lìmíìtì ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, iye tí lìmíìtì méjèèjì fẹnu kò lé lórí gbọ́dọ̀ jẹ́ f(a) fúnra rẹ̀. Ohun kẹta yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé jù, bóyá nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ìbéèrè, ó máa ń ṣẹ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a wò ó.

Ìbéèrè kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Irú ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò Báàkì ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ máa ń bá pàdé nìyí. Wọ́n fún wa ní fọ́nkṣọ̀n yìí, wọ́n sì ní kí a wá k tí kò fi ní já:

```
f(x) = kx + 1    bí x ≤ 2
f(x) = x² + k    bí x > 2
```

Kọ́kọ́ wá ojú ìpàdé. Inú àmì ≤ àti > ni ó wà, kì í ṣe inú òfin ìṣirò: apá méjèèjì pàdé ní 2. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ibòmíràn tí a ní láti bẹ̀rù, nítorí pé kx + 1 àti x² + k kì í já níbìkankan bí a bá wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀. Láìsí gbólóhùn yìí, a kò tíì fi hàn pé fọ́nkṣọ̀n náà kò já níbi gbogbo, 2 nìkan ni a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wo apá tí àmì ≤ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Apá kìíní ni, nítorí náà f(2) = 2k + 1. Nítorí pé òfin yẹn kì í já, 2k + 1 kan náà ni lìmíìtì òsì. Nígbà náà, kọjá sí apá kejì. Bí x bá ti ọ̀tún ń sún mọ́ 2, x² ń sún mọ́ 4, x² + k sì ń sún mọ́ 4 + k. A kò sọ pé f(2) jẹ́ 4 + k o, nítorí pé òfin kejì kò ní àṣẹ kankan ní 2. Lìmíìtì ọ̀tún nìkan ni a rí níbẹ̀.

Ní báyìí, mú kí méjèèjì dọ́gba:

```
2k + 1 = 4 + k
k = 3
```

Kí a tó fi bíìkì sílẹ̀, a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Apá kìíní di 3x + 1, ó sì jẹ́ 7 ní 2. Apá kejì di x² + 3, ó ń sún mọ́ 7. Bí x bá jẹ́ 1,99, f(x) jẹ́ 6,97. Bí x bá jẹ́ 2,01, f(x) jẹ́ 7,0401. Ká ní a ti mú 5 fún k ni, òsì ì bá fún wa ní 11, ọ̀tún ì bá sì fún wa ní 9, fọ́nkṣọ̀n náà ì bá sì já.

Àṣìṣe kan wà tí ó tọ́ kí a tẹjú mọ́. Àwọn kan máa ń kọ kx + 1 = x² + k láìtíì fi 2 rọ́pò x. Wọ́n á kó gbogbo k sí apá kan, wọ́n á rí k(x − 1) = x² − 1, wọ́n á pín in, k yóò sì di x + 1. Kò sí àṣìṣe nínú ìpín náà, bí x kò bá ti jẹ́ 1. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí kì í yí padà ni wọ́n ní kí a wá, èyí tí ó jáde yìí sì ń bá x yí. Ohun tí wọ́n béèrè láìmọ̀ ni pé kí òfin méjèèjì dọ́gba níbi gbogbo, bẹ́ẹ̀ ojú ìpàdé nìkan ni a fẹ́ kí wọ́n ti dọ́gba. Nígbàkigbà tí x bá ṣẹ́kù nínú k, ẹ padà lọ fi ojú ìpàdé rọ́pò rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ya àwòrán náà, wọ́n á rí i pé ó ní igun ní 2, wọ́n á sì rò pé k àwọn kò pé. Òótọ́ ni pé igun wà níbẹ̀: ìlà òsì ń gòkè ní ìwọ̀n 3, ti ọ̀tún sì ń bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n 4. Àìjá kò béèrè pé kí ìlà dán, ó kàn béèrè pé kí wọ́n bá ara wọn pàdé.

Nígbà tí k bá jẹ́ iye ní ojú kan ṣoṣo

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà béèrè rẹ̀ ni pé kí òfin kan ṣoṣo ní ihò ní ibì kan, kí k sì jẹ́ ohun tí a ó fi dí i:

```
f(x) = (√(x + 1) − 2) / (x − 3)    bí x ≥ −1 àti x ≠ 3
f(x) = k                           bí x = 3
```

Bí a bá fi 3 rọ́pò x nínú òfin òkè, 0 lókè, 0 nísàlẹ̀ ni a ó rí. Èyí kò túmọ̀ sí pé k jẹ́ 0, kò sì túmọ̀ sí pé kò sí ìdáhùn. Ó kàn ń sọ fún wa pé a kò lè rí lìmíìtì náà láìkọ́kọ́ tún ìdá náà kọ. Ẹ fi √(x + 1) + 2 sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀. Òkè yóò di (x + 1) − 4, ìyẹn x − 3, yóò sì pa x − 3 tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ́. A láǹfààní láti pa wọ́n rẹ́ nítorí pé x ń sún mọ́ 3 láìjẹ́ 3. Ohun tí ó kù nìyí:

```
1 / (√(x + 1) + 2)
```

Bí x bá ti ń sún mọ́ 3, yálà láti òsì tàbí láti ọ̀tún, èyí ń sún mọ́ 1/4. k = 1/4, kò sì sí òmíràn.

Ẹ̀rọ ìṣirò lè jẹ́rìí sí i: 2,99 fún wa ní nǹkan bí 0,2502, 3,01 sì fún wa ní nǹkan bí 0,2498. Ṣùgbọ́n kí a má fi x sún mọ́ 3 jù lórí ẹ̀rọ. Ìwọ̀nba díjíìtì ni ó lè pa mọ́, tí ìyàtọ̀ òkè bá sì ti kéré ju èyí tí ó lè rí lọ, ó lè kọ 0 síwájú wa bí ẹni pé òun ni ìdáhùn.

Bí k bá ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí kò bá sí

Bí k bá fara hàn ní ìlọ́po ara rẹ̀, ìdáhùn lè di méjì. Ká ní f(x) = k²x − 2 bí x ≤ 1, tí f(x) sì jẹ́ kx bí x > 1. Ní ojú ìpàdé, k² − 2 = k, ìyẹn k² − k − 2 = 0, tí ó fún wa ní k = 2 tàbí k = −1. Bí a bá yẹ̀ wọ́n wò, 2 mú kí apá méjèèjì pàdé ní 2, −1 sì mú kí wọ́n pàdé ní −1. A ó kọ méjèèjì sílẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí k kankan tí yóò ṣe é. Ẹ wo |x| / x, tí wọ́n ní kí a fi k dí ihò rẹ̀ ní 0. Láti òsì, x kò tó 0, nítorí náà |x| jẹ́ −x, ìdá náà sì jẹ́ −1 títí. Láti ọ̀tún, ó jẹ́ 1 títí. k kan ṣoṣo kò lè jẹ́ −1 kí ó tún jẹ́ 1, nítorí náà kò sí ohun tí a lè fi síbẹ̀. Nínú irú ìbéèrè báyìí, a kì í fi àyè ìdáhùn sílẹ̀ lófìfo. A ó kọ lìmíìtì òsì, a ó kọ lìmíìtì ọ̀tún, a ó fi hàn pé wọn kò dọ́gba, a ó sì kọ ọ́ ní kedere pé kò sí k tí fọ́nkṣọ̀n yìí kò fi ní já ní 0.