Bí mo ṣe ń fi oògùn kíkán ṣe mílíìkì tí kì í dà mí nínú rú

Àwa táa bá ti mu mílíìkì tán tí inú á máa kùn, tí á sì máa wú, a pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá o, kì í sì í ṣe àìsàn. Ṣúgà kan ló wà nínú mílíìkì tó ń jẹ́ lákítóòsì, ṣúgà méjì ló so pọ̀ di ẹyọ kan, gúlúkóòsì àti galakitóòsì, ìfun ò sì lè gbà á wọlé bó ṣe wà yẹn àfi tí ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ lákítéèsì bá kọ́kọ́ gé e sí méjì. Ọmọ ọwọ́ ní i dáadáa, àmọ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń dàgbà ló ń dínkù, lákítóòsì tí kò rẹ́ni gé e á wá sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn kòkòrò tó wà nínú ìfun ńlá, wọ́n á jẹ ẹ́, gáàsì dé nìyẹn.

Mílíìkì tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní lákítóòsì, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n yọ ọ́ dànù ni. Rárá o, lákítéèsì ni wọ́n sábà máa ń dà sí i, íìsì ni wọ́n fi ń pèsè ẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan á dà á sínú táǹkì mílíìkì tútù, á wà níbẹ̀ bí ọjọ́ kan, kí wọ́n tó wá sè é, iná yẹn náà ló máa pa ẹ́ńsáìmù. Àwọn míì á kọ́kọ́ sè é tán, wọ́n á wá fi lákítéèsì bíńtín tí kò ní kòkòrò kankan sí i bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ sínú páálí, á máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ nínú páálí níbi tí wọ́n kó o jọ sí.

Ìdí tó fi ń dùn jù nìyẹn, kò sẹ́ni tó fi ṣúgà kún un. Lákítóòsì ò dùn tó ìdá kan nínú márùn-ún ṣúgà táa fi ń mu tíì, àmọ́ gúlúkóòsì dùn tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀, galakitóòsì náà ò jìnnà sí i. Ṣúgà tó wà níbẹ̀ ò pọ̀ sí i, ahọ́n ló ń gbọ́ adùn ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí náà ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ò gbọdọ̀ rò pé ó rí èyí tí kò ní ṣúgà. Iléeṣẹ́ Valio ní Finland sẹ́ díẹ̀ nínú lákítóòsì kúrò ná kí wọ́n tó gé ìyókù, 2001 ni wọ́n gbé e jáde, ìyẹn ò dùn ju mílíìkì lásán lọ.

Tèmi nílé, mílíìkì páúdà ni mo ń lò, lákítéèsì olómi tí wọ́n ń kán ni mo sì ń kán sí i. Mo wọn gíráàmù 125, mo fi omi pò ó títí ó fi pé lítà kan, mo dúró kó tutù dáadáa, torí tó bá gbóná jù, ẹ́ńsáìmù yẹn á kú, ìyẹn ni kẹ́ ẹ má kán an sínú tíì tó ń hó lórí jàre. Lítà kan, ẹ̀kán márùn-ún irú tèmi máa gé bí 70 nínú 100, mẹ́wàá á gé bí 90, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á fẹ́rẹ̀ẹ́ gé gbogbo ẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo kán, mo rò ó, ó di inú fíríìjì fún wákàtí 24. Òtútù fíríìjì ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ táa bá fi síta, mílíìkì á kan.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, mo ra sítírípù tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò nínú ìtọ̀ ní kẹ́míìsì. Gúlúkóòsì nìkan ló ń rí, kò rí lákítóòsì, torí ẹ̀ mílíìkì tí mi ò tíì kán nǹkan sí ò pa àwọ̀ ẹ̀ dà rárá. Lọ́jọ́ kejì mo tì í bọ̀ ọ́, ó dúdú lọ sí ìparí, torí mílíìgíráàmù 2000 nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ni sítírípù yẹn mọ. Mo wá bu síbí kan mílíìkì sínú síbí mẹ́sàn-án omi, ó bọ́ sórí 250. Ìṣirò ẹ̀ rèé: lákítóòsì inú lítà kan yẹn tó gíráàmù 48, tó bá gé tán, gúlúkóòsì á jẹ́ bíi gíráàmù 25, ìyẹn 2500 lórí ìwọ̀n sítírípù, pín in sí mẹ́wàá, 250. Ojú lásán ò lè fi àwọ̀ yẹn mọ̀ bóyá ìwọ̀nba ṣì kù o, ẹni tí díẹ̀ ń dà láàmú kó kán an tó, kó sì fún un lọ́jọ́ kan sí i.

Ṣúgà tó ti gé ò ní so mọ́ra mọ́, torí náà ẹ lè wá fi sínú ògì gbígbóná tàbí kọ́sítáádì, kìkì pé ó máa ń tètè pọ́n, kí iná ẹ̀ má pọ̀. Tó bá jẹ́ mílíìkì agolo, lákítóòsì ẹ̀ tó ìlọ́po méjì, ẹ̀kán ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé mílíìkì máa ń jẹ́ kí ara ẹni wú tàbí kó máa yún un, purotéènì ló ń bá a jà, lákítéèsì ò kan ìyẹn.